Ojú Mítà Nínú Fọ́tò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí bẹ̀rẹ̀ lára ògiri ilé kan ní Sábó, nílùú Ọ̀yọ́, níbi tí mo ti háyà yàrá kan. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ilé Sábó ti í rí, wọ́n sún mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí ara wọn létí. Mítà mẹ́rin ni wọ́n kàn mọ́ ara ògiri kan ṣoṣo lọ́nà àbáwọlé wa. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ mítà pírípéédì tí a máa ń ra owó sí. Ẹ̀kẹrin, tí ó jẹ́ ti Àlùhájà tó ni ilé, jẹ́ ògbólógbòó mítà onídígí, irú èyí tí abọ́ pẹlẹbẹ kan máa ń yí nínú rẹ̀, tí nọ́ńbà sì wà nínú fèrèsé tóóró lókè abọ́ náà.

Ní ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ iná wá yọ mítà àgbà yìí, wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n tó yọ ọ́, Àlùhájà ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, nítorí pé ó ti gbọ́ pé bí ohun èèyàn bá ń kúrò nílé, ó yẹ kí èèyàn mọ ojú tí ó fi kúrò. Òṣìṣẹ́ kan náà ya tirẹ̀, wọ́n sì gbé mítà lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé dé. Wọ́n ní ibi tí mítà àtijọ́ dúró sí ni 47189, wọ́n sì ní Àlùhájà jẹ gbèsè náírà 2,560,980, tí wọn yóò máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó tó bá ń rà sí mítà tuntun.

Àlùhájà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ìwọ tí o kàwé, wá bá mi wo fọ́tò yìí."

Mo ní, "Àlùhájà, èdè Yorùbá ni mo kà o, n kò ka iná."

"Ṣé kì í ṣe nọ́ńbà ló wà níbẹ̀ ni? Àbí wọn kò kọ́ yín ní òǹkà ní yunifásítì?"

N kò rí èsì fún ìyẹn. Mo jókòó, mo sì fi ìka fẹ fọ́tò náà títí tí fèrèsé nọ́ńbà fi gba gbogbo ojú fóònù.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé nọ́ńbà pọ̀ lójú mítà ju èyí tí èèyàn ń wá lọ. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ 10(40)A. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni 240V. Wọ́n kọ 450 rev/kWh sí ibì kan, ìyẹn ni pé abọ́ pẹlẹbẹ náà gbọ́dọ̀ yí nígbà 450 kí yúnìtì kan tó pé. Nọ́ńbà gígùn kan tún wà, èyí tí í ṣe orúkọ mítà náà gan-an, tí kò sí mítà mìíràn tí ń jẹ́ ẹ. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó jẹ́ iye iná tí a lò. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé orúkọ mítà hàn nínú fọ́tò, nítorí pé níbi tí mítà mẹ́rin bá ti wà lára ògiri kan, fèrèsé nọ́ńbà nìkan kò lè jẹ́rìí pé ti Àlùhájà ni. Ó lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

Iye tí a ń wá wà nínú fèrèsé. Kẹ̀kẹ́ kéékèèké mẹ́fà ló wà níbẹ̀, wọ́n to ara wọn, wọ́n sì kọ nọ́ńbà 0 dé 9 yí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ká. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni wọ́n kọ kWh sí. Àmì mẹ́ta yìí ni a ń pè ní yúnìtì lẹ́nu ojoojúmọ́. Bí áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ wáàtì 1,000 bá gbóná fún wákàtí kan gbáko, yúnìtì kan ni. Bí gílóòbù wáàtì 100 bá tàn fún wákàtí mẹ́wàá, yúnìtì kan náà ni. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà láìka àmì tó tẹ̀ lé e kò tíì ka mítà, nítorí pé àmì yẹn ló ń sọ ohun tí a kà.

Kẹ̀kẹ́ márùn-ún àkọ́kọ́ dúdú. Ẹ̀kẹfà ní àlà pupa yí i ká. Ibí yìí ni gbèsè mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ti jáde wá.

Àlà pupa yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ó ń sọ fún òǹkàwé pé póíǹtì wà láàárín kẹ̀kẹ́ karùn-ún àti ẹ̀kẹfà, pé ohun tó wà nínú àlà jẹ́ ìdá mẹ́wàá yúnìtì kan, kì í ṣe odindi yúnìtì. Nínú fọ́tò tí ọmọ náà yà, kẹ̀kẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ka 0, 4, 7, 1, lẹ́yìn náà ohun kan tó wà láàárín 8 àti 9, àti nínú àlà pupa, ohun kan tó ń kúrò lórí 9 bọ̀ sórí 0. Ẹni tó kọ 47189 ti ju òdo ìbẹ̀rẹ̀ nù, ó sì ka kẹ̀kẹ́ pupa mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Òdo ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ìpalára, ẹ lè jù ú nù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka pupa mọ́ dúdú ti sọ iye náà di ìlọ́po mẹ́wàá. Èmi kò tilẹ̀ bínú sí ẹni tó kà á bẹ́ẹ̀. Nínú fọ́tò tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa, pupa àti dúdú máa ń jọra wọn. Òun gan-an ni ìdí tó fi yẹ kí èèyàn mọ̀ pé ó ń wá a.

Ó wá ku kẹ̀kẹ́ karùn-ún, èyí tí kò dúró lórí 8, tí kò sì tíì dé orí 9. Àlùhájà ní kí n kọ 9, nítorí pé 9 ni òun rí jù. Mo ní rárá, 8 ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ṣe ń rìn. Kẹ̀kẹ́ apá ọ̀tún pátápátá ni ó ń rìn láìdúró. Àwọn yòókù máa ń sinmi. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ọ̀tún bá ń ti orí 9 bọ́ sórí 0 nìkan ni ó máa ń fa aládùúgbò rẹ̀ apá òsì lọ síwájú ní ìṣísẹ̀ kan. Nítorí náà, bí ẹ bá rí kẹ̀kẹ́ kan tó wà ní agbedeméjì, ẹ má ṣe bi òun fúnra rẹ̀ léèrè. Ẹ bi ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí ẹni yẹn kò bá tíì dé orí 0 tán, nọ́ńbà tó kéré ni kí ẹ kọ. Bí ó bá ti kọjá 0, nọ́ńbà tó pọ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ pupa Àlùhájà ṣì ń ti 9 bọ̀, kò tíì dé 0, nítorí náà kẹ̀kẹ́ karùn-ún ṣì jẹ́ 8. Iye náà ni 4718.9 kWh, a ó sì kọ odindi rẹ̀, 4718 kWh.

Níbi tí mo dé yìí ni ìbéèrè Àlùhájà nípa òǹkà padà sí mi lọ́kàn, tí mo sì rẹ́rìn-ín. Òǹkà àwa Yorùbá máa ń wo iwájú. Bí a bá ti kọjá mẹ́rìnlá, ojú wa ti kúrò lára mẹ́wàá, ogún ni à ń wò: a ó ní àrùndínlógún, ẹẹ́rìndínlógún, títí dé oókàndínlógún, bí ẹni tó ti rí ilé lókèèrè tó sì ń ka ìṣísẹ̀ tó kù. Mítà kò mọ irú ìrètí bẹ́ẹ̀. Bí 9 bá ti yọ orí tó ku bíńtín kó wọlé, 8 ni mítà ń pè é. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ohun tó ń mú kí ọ̀pọ̀ wa máa ka iye tó ń bọ̀ dípò iye tó wà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní fi orí mi jẹ́rìí sí i.

Láàárín 8 àti 9 kẹ̀kẹ́ karùn-ún, yúnìtì kan ni èèyàn ṣì. Kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn yàwòrán mítà tó wà ní 4699.9. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ni yóò jọ máa yí lẹ́ẹ̀kan náà: 6 ń lọ sí 7, 9 ń lọ sí 0, 9 kejì ń lọ sí 0. Ẹni tó bá mú 7 fún èyí àkọ́kọ́, tó sì mú 9 fún méjì yòókù, yóò kọ 4799. Ọgọ́rùn-ún yúnìtì ni ó fi bù kún un láìmọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó yúnìtì kan dé náírà 225 fún àwọn tó wà ní Báńdì Éè, àṣìṣe yìí nìkan yóò ná onílé ní náírà 22,500.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ya fọ́tò náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mítà máa ń ga lára ògiri, ọmọ ọmọ Àlùhájà sì kúrú, nítorí náà ó gbé fóònù sókè, ó yà á láti ìsàlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò lẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé, ó wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, bí ọ̀wọ́ aago ṣe jìnnà díẹ̀ sí ojú aago. Bí a bá wò ó láti ìsàlẹ̀, etí fèrèsé yóò bo apá kan nọ́ńbà, kẹ̀kẹ́ tó ń yí yóò sì dà bí ẹni pé ó ti lọ jù tàbí pé kò tíì lọ tó. Ó sàn kí èèyàn gun àpótí, kí fóònù bá fèrèsé dọ́gba. Iná fóònù náà kò dára nítòsí dígí, nítorí pé yóò fi àmì funfun kan lé nọ́ńbà lórí, orí nọ́ńbà tí a sì ń wá gan-an ni ó máa ń fẹ́ràn láti bà lé.

Mo bi Àlùhájà bóyá ìwé owó iná tó ṣáájú wà nílé. Ó mú un jáde láti abẹ́ pílò. Iye tí wọ́n kà kẹ́yìn níbẹ̀ ni 4506, ọjọ́ 61 sì wà láàárín rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n yọ mítà. A yọ 4506 kúrò nínú 4718, ó ku 212 kWh. Pín in sí ọjọ́ 61, ó jẹ́ yúnìtì mẹ́ta ààbọ̀ lóòjọ́. Fíríìjì kan, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù mélòó kan ní ilé tí iná kì í fi gbogbo ìgbà wà, ó bójú mu. Ní náírà 60 lórí yúnìtì kan, bí ìwé náà ti wí, owó rẹ̀ jẹ́ náírà 12,720.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ti àwọn tó kọ ìwé. Wọ́n yọ 4506 kúrò nínú 47189, ó ku 42,683. Wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po 60, gbèsè náà sì jáde. Kò sí àṣìṣe nínú ìṣirò wọn. Ibi tí irọ́ ti hàn ni nọ́ńbà tí mo ti kọ́kọ́ fò kọjá lójú mítà: 10(40)A. 40 yẹn ni agbára iná tó pọ̀ jù tí a ṣe mítà náà láti gbé. Ní 240V, ó jẹ́ wáàtì 9,600. Bí Àlùhájà bá tan gbogbo ohun tí mítà rẹ̀ lè gbé, tí iná kò sì lọ fún ìṣẹ́jú kan tọ̀sán-tòru, yúnìtì bí 230 ni yóò lò lóòjọ́. Fún ọjọ́ 61, kò ní ju 14,054 lọ. Ta ló wá lo 42,683? Mítà náà ì bá ti jóná kí ó tó kà á, èmi kò sì tíì rí ibi tí iná kì í ti lọ fún ọjọ́ 61 ní Sábó.

A kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé pélébé kan, èmi àti ọmọ ọmọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé Àlùhájà lọ sí ọ́fíìsì wọn. Obìnrin tó wà lórí káńtà wo ìwé wa, kò sọ nǹkan kan. Ó bèèrè fọ́tò. Ó fi ìka fẹ̀ ẹ́, ó wo orúkọ mítà, ó wo àlà pupa, ó sì dìde lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ó ti fi bírò fa ìlà lé 47189, ó kọ 4718 sí òkè rẹ̀, ó sì ní kí Àlùhájà buwọ́ lùwé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí pírípéédì, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Mítà tiyín kì í yí kẹ̀kẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ hàn kedere, ṣùgbọ́n ó ní ju ẹyọ kan lọ, gbogbo wọn sì lè jẹ́ kWh. Ọ̀kan ni yúnìtì tó kù, tí ń dín kù. Òmíràn ni gbogbo yúnìtì tí ilé ti lò láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mítà síbẹ̀, tí ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fi fọ́tò èyí àkọ́kọ́ ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bèèrè èkejì ti fi iye ohun tó kù nínú ìkòkò dáhùn ìbéèrè iye ohun tí a ti jẹ. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ tan ohun tó ń jẹ iná púpọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wo bóyá nọ́ńbà náà gòkè ni tàbí ó sọ̀kalẹ̀.

Ìtàn Àlùhájà ni mo ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kan lórí fóònù, ẹni tó ń gbé ní Sábó tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tó dá mi dúró. Ó ní òun gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síwájú ilé, àwọn mẹ́ruwà sì ń wá pọn omi níbẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Òun so mítà omi mọ́ páìpù tó ti inú táǹkì jáde, ọmọ tó ń tà á sì ń fi fọ́tò mítà ránṣẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Àbúrò, ọmọ yìí ń jí mi lówó. Kẹ́ẹ̀gì márùn-ún kò sí nínú ìwé rẹ̀ lánàá. Mo fẹ́ lé e lọ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí mi ná."

Lójú mítà omi náà, àmì m³ ló wà, kì í ṣe kWh. Ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ omi tó lè kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan: lítà 1,000 ni. Kẹ̀kẹ́ dúdú ń ka odindi. Nísàlẹ̀ wọn, ojú róbótó kéékèèké bí ti aago wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ pupa kan. Wọ́n kọ x0.1 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, x0.01 sí èkejì, x0.001 sí ẹ̀kẹta. Èyí àkọ́kọ́ ń ka ọgọ́rùn-ún lítà, èkejì ń ka lítà mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ̀kẹta ń ka lítà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tún kéré sí i wà, ìdá mẹ́wàá lítà ló ń kà, a lè gbàgbé rẹ̀.

Fọ́tò àárọ̀ kò ní wàhálà: 134 lórí kẹ̀kẹ́, ọwọ́ pupa lé 6 díẹ̀, lé 2 díẹ̀, èyí tó kẹ́yìn wà lórí 1. Ó jẹ́ 134.621 m³. Ti ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi kà sí 137.496. Ọwọ́ x0.1 wà lórí 4 lóòótọ́, bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo aládùúgbò rẹ̀, x0.01. Ó wà láàárín 9 àti 0, kò tíì pé. Ọwọ́ kì í fò bíi kẹ̀kẹ́, ńṣe ni ó ń yọ́ lọ, nítorí náà bí èkejì bá ti dé 9, ti àkọ́kọ́ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan nọ́ńbà tó ń bọ̀. Aládùúgbò kò tíì kọjá 0, nítorí náà 4 yẹn kò tíì jẹ́ 4. 3 ni. Láàárín 9 àti 0 pẹ̀lú, 9 ni a ń kọ, kì í ṣe 0, nítorí pé òdo yẹn dúró fún mẹ́wàá. Iye náà jẹ́ 137.396 m³.

Ìlànà kan náà ló wà fún àwọn mítà iná àtijọ́ tó ní ojú bí aago, àfi pé lára wọn, ọwọ́ kan máa ń yí sí ọ̀tún, tí aládùúgbò rẹ̀ á sì yí sí òsì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to nọ́ńbà yí ojú kọ̀ọ̀kan ká kí ẹ tó mọ èyí tó kéré.

Ẹ̀gbọ́n mi ti yọ 134.621 kúrò nínú 137.496, ó rí lítà 2,875, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 115. Ìwé ọmọ náà sọ 110. Pẹ̀lú iye tó tọ́, lítà 2,775 ló jáde, kẹ́ẹ̀gì 111. Ó ku kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo. Mítà omi tó dára pàápàá ni a gbà láyè láti fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ṣì í sókè tàbí sísàlẹ̀ nígbà tí omi bá ń ṣàn dáadáa, èyí tó jẹ́ lítà bí 55 nínú omi ọjọ́ náà, ó ju kẹ́ẹ̀gì méjì lọ. Ká má tíì sọ omi tó ń dà sílẹ̀, àti èyí tí àwọn mẹ́ruwà fi ń ṣan kẹ́ẹ̀gì wọn. Mítà kò lè fi ẹ̀rí kẹ́ẹ̀gì kan mú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń pe ọmọ náà lóhùn rara láti ìta, ọmọ náà sì dáhùn pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò tíì mọ ohun tí wọ́n pè é fún. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Jókòó. Ṣé o ti jẹun?"